Apẹ́ńdíìsì ọmọdé: ìdí tí síkáànù fi ń ṣáájú Síítíì

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò ní dáa ká kúkú ṣe Síítíì, kó má di pé à ń lọ, à ń bọ̀?"

Bàbá tó bi mí ní ìbéèrè yìí ti yá owó kó tó dé ilé ìwòsàn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, káwọ́ mọ́ ikùn lórí àga, ó tẹ̀ síwájú bí arúgbó, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kan òun. Inú ti ń run ún láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ìyá rẹ̀ rò pé aràn ni, ó fún un lóògùn aràn, ọmọ bì í jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí kò lè nà tàntàn, wọ́n gbé e wá. Dókítà tó kọ́kọ́ rí i kọ ọ́ síwèé pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ apẹ́ńdíìsì, ó sì ní kí wọ́n lọ ṣe síkáànù. Lójú bàbá yìí, síkáànù tí wọ́n fi ń wo aboyún kò lè dáa tó Síítíì, àwòrán tó wọ́n jù ú lọ, tí ẹ̀rọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún yàrá.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ara. Mo máa ń gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu àwọn òbí, mi ò sì bá wọn wí. Ẹni tọ́mọ rẹ̀ ń jẹ̀rora á fẹ́ ohun tó lágbára jù. Àmọ́ nínú ara ọmọdé, síkáànù kì í ṣe àrọ́pò Síítíì fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Òun gan-an la máa ń kọ́kọ́ lò, kódà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ẹ̀rọ Síítíì ti pọ̀ bí omi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí apẹ́ńdíìsì fúnra rẹ̀. Ìfun tín-ín-rín kan ni, ó rí bí ìka ọwọ́ ọmọdé, ó so mọ́ ibi tí ìfun ńlá ti bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Ó ní ẹnu ní apá kan, apá kejì dí. Bí ìgbẹ́ tó gan bí òkúta bá dí ẹnu rẹ̀, tàbí tí kókó inú ara rẹ̀ wú tó fún ẹnu náà pa, omi á máa ṣẹ́ jọ sínú rẹ̀ láìríbi jáde. Á wú, ara rẹ̀ á le, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè dé ara rẹ̀ mọ́. Bí wọn ò bá tètè ṣe nǹkan sí i, á bẹ́, ọyún á sì dà sínú ikùn.

Àgbàlagbà á sọ fún ọ pé ìdodo ni ìrora ti bẹ̀rẹ̀, pé ó sún lọ sápá ọ̀tún nísàlẹ̀. Ọmọ ọdún 3 ò mọ èyí. "Inú ń run mí" lásán ni á sọ, á sì na ọwọ́ sí ìdodo níbikíbi tó bá ń dùn ún. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lára àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, apẹ́ńdíìsì ti sábà máa ń bẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé òun ni. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: ọ̀rá tó tẹ́ bí aṣọ lórí ìfun, tó máa ń wé mọ́ ibi tó bá ń bàjẹ́ nínú ikùn àgbà kí ọyún má bàa tàn káàkiri, ṣì fẹ́lẹ́ gan-an lára ọmọ kékeré. Kò tíì lè dáàbò bo nǹkan kan.

Kí ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ wa, dókítà ti ní láti ṣírò ìwọ̀n àmì tó wà lára rẹ̀. Ọ̀nà kan tó gbajúmọ̀ ni èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2002 fún àwọn ọmọdé nìkan, máàkì 10 ni gbogbo rẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún bá ń dun ọmọ nígbà tí a fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, máàkì 2. Bó bá ń dùn ún nígbà tó ń wúkọ́ tàbí tó ń fi ẹsẹ̀ kan fò sókè, máàkì 2 míì. Àìlèjẹun, èébì, ara gbígbóná, ìrora tó sún kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó ju 10,000 lọ, àti irú sẹ́ẹ̀lì funfun tó máa ń kọ́kọ́ jà tí òun náà pọ̀ jù, ẹyọ máàkì 1 ni ìkọ̀ọ̀kan wọn.

Ọmọ tí mo ń sọ yìí gba máàkì 6. Ó ń dùn ún nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò lè fò, kò jẹun, ó ti bì. Àmọ́ ara rẹ̀ ò gbóná, ìrora náà ò sún, sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ sì jẹ́ 9,200, tí kò ní ìyọnu. Bó bá jẹ́ máàkì 2 ló ní, a lè ní kó padà sílé kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Bó bá jẹ́ 9, dókítà oníṣẹ́ abẹ lè má dúró de àwòrán rárá. Irú ọmọ tó wà láàárín bẹ́ẹ̀ ni àwòrán wúlò fún jù, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe máa ń wà lápá méjèèjì: kí wọ́n la ikùn tí kò lárùn, tàbí kí wọ́n dá apẹ́ńdíìsì tó fẹ́ bẹ́ padà sílé.

Ó wá ku ìbéèrè bàbá yẹn. Ohùn ni síkáànù fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ á rán ìró tí etí ènìyàn ò lè gbọ́ wọnú ara, ìró náà á kọlu ohun tó bá pàdé, á sì padà wá bíi gbohùngbohùn. Bó ṣe pẹ́ tó kó tó padà àti bó ṣe lágbára tó ni ẹ̀rọ fi ń ya àwòrán. Ìró tó ga gan-an máa ń fi nǹkan hàn kedere, ṣùgbọ́n kì í wọnú jìnnà. Ìró tó rẹlẹ̀ máa ń wọnú jìnnà, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ á ṣú. Àgbàlagbà tó sanra ń fi ipá mú wa lo èyí tó rẹlẹ̀. Ọmọdé ò fi ipá mú wa. Ikùn rẹ̀ tín-ín-rín, ọ̀rá abẹ́ awọ rẹ̀ kéré, ìfun rẹ̀ ò jìnnà sí ojú awọ. Nítorí náà, ọwọ́ ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí ìró rẹ̀ ga, tí a máa ń lò fún ọrùn, ọmú àti iṣan ẹ̀jẹ̀, la máa ń lò fún ikùn ọmọdé. Òun ló lè fi ara apẹ́ńdíìsì hàn ní ìpele ìpele, bí àlùbọ́sà tí a gé sí méjì.

Òdìkejì èyí ló wà nínú Síítíì. Ọ̀rá tó wà láàárín àwọn ẹ̀yà inú ló ń jẹ́ kí Síítíì lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára ìkejì. Nínú ikùn ọmọ tó rù, ohun gbogbo ló fara mọ́ra, wọ́n á sì dà bí ẹyọ nǹkan kan ṣoṣo. Àìní ọ̀rá kan náà tó ń ran síkáànù lọ́wọ́ ló ń dí Síítíì lójú. Mo ṣàlàyé èyí fún bàbá náà, ó sì wo ọmọ rẹ̀ tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó mirí.

Ọ̀rọ̀ ìtànṣán ni ìkejì. Síítíì jẹ́ ọ̀pọ̀ ẹ́síréè tó ń yí ara po nígbà kan náà, ìtànṣán tó ń fún ni sì pọ̀ ju ti ẹ́síréè àyà lọ ní ọ̀nà tó jìn. Sẹ́ẹ̀lì ara ọmọdé ń pín lójoojúmọ́, ó sì ní ọ̀pọ̀ ọdún níwájú tí ìbàjẹ́ kékeré lè fi dàgbà di jẹjẹrẹ. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2012, tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tó lé ní 170,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé àwọn tí ìtànṣán Síítíì tó wọ̀ wọ́n lára pọ̀ jù ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àti ti ọpọlọ ju àwọn yòókù lọ. Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù ba òbí kankan. Ìṣirò ìwádìí yẹn fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 ni pé, nínú Síítíì orí 10,000, ó lè fi ẹni 1 kún àwọn tó máa ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹni 1 kún àwọn tó máa ní ti ọpọlọ láàárín ọdún 10. Ewu náà kéré. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí láti gbé e lé ọmọ lórí nígbà tí ohun tí kò ní ìtànṣán kankan lè dáhùn ìbéèrè kan náà.

Àwọn tó ṣáájú wa ò rò pé síkáànù lè rí apẹ́ńdíìsì, nítorí afẹ́fẹ́ kún inú ìfun, ohùn kì í sì í la afẹ́fẹ́ kọjá. Dókítà ayàwòrán ará Nẹ́dálándì kan, Julien Puylaert, ló tẹ ọ̀nà tuntun jáde lọ́dún 1986. Ohun tó ṣe rọrùn láti sọ: ó fi ọwọ́ ẹ̀rọ tẹ ikùn díẹ̀díẹ̀ títí afẹ́fẹ́ àti ìfun fi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìgbà tí a bá ń fọwọ́ ya ewé orí omi kí a lè rí ìsàlẹ̀. Títẹ̀ yìí tún ń jẹ́ kí ọwọ́ ẹ̀rọ sún mọ́ apẹ́ńdíìsì sí i. Títí dòní, òun náà la ṣì ń ṣe.

Ibi tí ọmọdé wá yàtọ̀ sí àgbà ni bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí a bá já lu ikùn rẹ̀ tó ń dùn ún á pariwo, á ká ẹsẹ̀ sókè, iṣan ikùn rẹ̀ á le bí pákó, afẹ́fẹ́ tó ń gbé mì pẹ̀lú ẹkún á sì tún kún inú ìfun. Lẹ́yìn náà, a ò ní rí nǹkan kan mọ́. Nítorí náà, kí a tó fara kan ọmọ, a ti gbé jẹ́ẹ̀lì sínú omi gbígbóná kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Jẹ́ẹ̀lì tútù lórí ikùn ọmọ ọdún 4 lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Ìyá á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, orí ọmọ á wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí ọmọ bá kéré gan-an, orí ẹsẹ̀ ìyá la ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. A ti ní kí dókítà fún un lóògùn ìrora. Ìgbà kan wà tí wọ́n gbà pé oògùn ìrora á bo àìsàn mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti wádìí rẹ̀ wò, kò rí bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ara tù díẹ̀ sì máa ń jẹ́ ká ríran ju ọmọ tó ń jà lọ.

Mo ní kí ọmọ náà fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka síbi tó ń dùn ún jù. Ìka kan, kì í ṣe gbogbo àtẹ́lẹwọ́. Ó fi ìka kàn án, kì í ṣe ibi tí mo retí, ó sún sẹ́yìn sápá ìhà. Mo fi í sọ́kàn, àmọ́ mi ò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Apá òsì tí kò dùn ún ni mo ti bẹ̀rẹ̀, kó lè mọ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ mi ò gún ènìyàn. Mo ní kó wo ara rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, ó rí kídìnrín rẹ̀, ó bi mí bóyá ẹ̀wà ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó kọjá sápá ọ̀tún.

Ọ̀nà kan wà tí a máa ń tọ̀. A ó kọ́kọ́ rí ìfun ńlá tó gòkè lápá ọ̀tún, a ó tẹ̀ lé e sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a ó rí ibi tí ìfun kékeré ti wọnú rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó wá iṣan ẹran ńlá tó gba ẹ̀yìn ikùn lọ sí itan àti àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà létí rẹ̀, torí pé apẹ́ńdíìsì sábà máa ń gbé sórí wọn. Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá mí síta ni ọwọ́ mi ń tẹ̀ díẹ̀ sí i, tó bá mí sínú, mo dúró. Bí mo bá sì fẹ́ gbé ọwọ́ kúrò, díẹ̀díẹ̀ náà ni, torí pé nínú ikùn tó wú, jíjá ọwọ́ kúrò lójijì máa ń dunni ju títẹ̀ lọ.

Mo wá a níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mi ò rí i. Ìka ọmọ yẹn ni mo rántí. Mo ní kó yí ẹ̀gbẹ́ òsì sílẹ̀, mo fi ọwọ́ kejì ti ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú sápá ọwọ́ ẹ̀rọ. Apẹ́ńdíìsì rẹ̀ ti fara pamọ́ sẹ́yìn ìfun ńlá. Bí a bá wo ikùn láti iwájú nìkan, afẹ́fẹ́ inú ìfun ńlá á bò ó. Ó yọ jáde lójú ẹ̀rọ bí òrùka tó ní òrùka nínú: nípọn, yípo, kò sì mira.

Ìwọ̀n ìbú rẹ̀ láti etí dé etí jẹ́ mílímítà 9. Mílímítà 6 ni a sábà fi ń ṣe ààlà, ṣùgbọ́n mi ò ní dájọ́ tìtorí ìwọ̀n nìkan, torí pé apẹ́ńdíìsì ọmọ tó dá ṣáṣá lè kọjá 6 nígbà míì, pàápàá bí ìgbẹ́ bá kún inú rẹ̀. Ohun tó dá mi lójú ni pé mo tẹ̀ ẹ́, kò tẹ̀. Ìfun tó dáa á pẹlẹbẹ lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀rọ bí ọ̀pá rọ́bà tí omi ti tán nínú rẹ̀. Tirẹ̀ le. Ọ̀rá tó yí i ká funfun yàtọ̀, ó sì wú, èyí tó fi hàn pé ara ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Mo tan àwọ̀ tó ń fi ìṣàn ẹ̀jẹ̀ hàn, ara rẹ̀ pọ́n káàkiri. Ní ẹnu rẹ̀, mo rí kinní funfun kan tó le, tí òjìji dúdú gùn lẹ́yìn rẹ̀: òkúta ìgbẹ́ tó dí i nìyẹn. Mo tẹ̀ lé e títí dé ìdí tó dí, torí ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí ẹnu apẹ́ńdíìsì dáa kó jẹ́ ìdí rẹ̀ nìkan ló ń jẹrà. Ẹni tó bá dúró ní ìdajì ọ̀nà á kọ ọ́ pé kò sí ìyọnu.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù nínú iṣẹ́ yìí nìyí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ gbangba. Gbólóhùn méjì kan wà tí òbí, àti dókítà nígbà míì, máa ń kà bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n: "Mo rí apẹ́ńdíìsì, ó dáa" àti "Mi ò rí apẹ́ńdíìsì." Àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀rọ̀ tì. Ìkejì ò pa nǹkan kan tì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a kì í rí i, àgàgà bí ọmọ bá sanra, tí afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, tàbí tí ẹni tó di ọwọ́ ẹ̀rọ mú ò ṣe irú rẹ̀ rí púpọ̀. Èyí tó tún burú jù ni apẹ́ńdíìsì tó ti bẹ́. Bó bá bẹ́, ohun inú rẹ̀ á tú jáde, á rọ, ìbú rẹ̀ lè kéré sí mílímítà 6, ìrora ọmọ náà lè rọlẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, kí òbí máa dúpẹ́. Bí mi ò bá rí i, mo gbọ́dọ̀ kọ ohun tó wà láyìíká rẹ̀ síwèé: ṣé ọ̀rá funfun wà níbẹ̀, ṣé omi tó dọ̀tí wà nísàlẹ̀ ikùn, ṣé ìfun tó wà nítòsí dúró láìmira? Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà, ìfura ò kúrò. Bí gbogbo rẹ̀ ò bá sí, tí sẹ́ẹ̀lì funfun sì dáa, ó ṣeé ṣe gan-an kó má jẹ́ apẹ́ńdíìsì. Síbẹ̀, wọ́n á dá ọmọ dúró, wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, a ó sì tún ṣe síkáànù náà. Nítorí kò ní ìtànṣán, kò sí ohun tó ní ká má ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, ojú tún gbọ́dọ̀ wà lára àwọn àìsàn tó máa ń farawé e. Ibà jẹ̀fun-jẹ̀fun tí a ń pè ní táífọ́ọ̀dù máa ń mú ìparí ìfun kékeré nípọn níbi kan náà gan-an, àwọn kókó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì wú. Ó lè lu ìfun náà. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè ní ìrora ikùn tí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú apẹ́ńdíìsì. Lára ọmọbìnrin, a kì í parí iṣẹ́ láìwo ibi ẹyin rẹ̀, torí pé ó lè lọ́ pọ̀, wákàtí díẹ̀ péré ló sì ń fúnni kó tó kú. Ìdí tún nìyẹn tí síkáànù fi wúlò: bí kì í bá ṣe apẹ́ńdíìsì, ó ṣì lè sọ ohun tó jẹ́.

Kò sì túmọ̀ sí pé Síítíì ò ní àyè tirẹ̀. Bí síkáànù méjì bá ti kùnà, tí ara ọmọ sì ń burú sí i, tàbí tí dókítà oníṣẹ́ abẹ fẹ́ mọ ibi tí ọyún tó ti tàn ká pọ̀ sí, a ó ṣe é láìjáfara. Ṣùgbọ́n a kì í ṣe é bí ti àgbà. A máa ń dín agbára ìtànṣán rẹ̀ kù gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ara ọmọ, ẹ̀ẹ̀kan péré la máa yà á, ibi tí ìbéèrè wà nìkan la sì máa yà. Òbí lè béèrè bóyá wọ́n ti tún ẹ̀rọ náà tò fún ọmọdé, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bínú sí i. Níbi tí ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì bá wà, òun náà lè dáhùn láìlo ìtànṣán, bí ọmọ bá ti tó ẹni tó lè dúró jẹ́ẹ́ nínú rẹ̀.

Ọmọ ọdún 8 yẹn ò nílò èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo kọ ọ́ síwèé pé mo rí apẹ́ńdíìsì, pé ó wú, pé òkúta wà lẹ́nu rẹ̀, pé ẹ̀yìn ìfun ńlá ló wà, kí oníṣẹ́ abẹ lè mọ ibi tó máa wá a sí. Wọ́n yọ ọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Kò tíì bẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà jáde, bàbá rẹ̀ padà wá bá mi pẹ̀lú owó tó fẹ́ fi ṣe Síítíì ṣì nínú ápò, ó ní kí n fi àwòrán náà han òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fi òjìji dúdú tó wà lẹ́yìn òkúta yẹn hàn án, ó sì tẹjú mọ́ ọn pẹ́.